Alántakùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ láìlo kílíípù: ẹsẹ̀ ń ṣẹ́kù sẹ́yìn, wọ́n sì ń fò lẹ́ẹ̀kan náà

Òǹṣèré_Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Alántakùn kan ni mò ń ṣe ní Godot 4, ara rẹ̀ gùn tó mítà kan. Mi ò fẹ́ lo kílíípù ìrìn nítorí òkúta àti àtẹ̀gùn ló kún ilẹ̀ géèmù mi, ẹsẹ̀ á kàn máa wọnú òkúta ni. Ohun tí mo ṣe ni pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé, ìyẹn ibi tó yẹ kó máa wà, tó so mọ́ ara, mo sì ń ju réékáàsì, ìtànṣán tó ń wá ilẹ̀, láti òkè ilé yẹn sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti jìnnà sí ilé rẹ̀ ju mítà 0.5 lọ, mo gbé e lọ síbi tí réékáàsì kàn, ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.2.

```gdscript
if foot.distance_to(home) > 0.5:
    target = home
    start_step()
```

Tó bá ń rọra rìn, ó dùn ún wò. Tó bá sáré dé mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo ẹsẹ̀ á ṣẹ́kù sẹ́yìn bíi pé ẹnì kan ń wọ́ ọ lọ, wọ́n á sì máa fò lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀pọ̀lọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Baba_Blender

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Ṣe kílíípù ìrìn kan àti kílíípù eré kan nínú Blender, kí o máa pò wọ́n mọ́ra bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn, eré kílíípù ni kò bá eré ara dọ́gba. Ẹṣin tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá ṣe mí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Òǹṣèré_Òru

Ẹ ṣeun sà. Kílíípù kankan ò sí níbẹ̀ rárá ni. Kóòdù ló ń gbé ẹsẹ̀, mo sì fúnra mi ṣe ìṣirò oríkèé.

Tọ́pẹ́_Kóòdù

Ti fífò lẹ́ẹ̀kan náà kò le. Fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdádúró tirẹ̀ kó tó gbéra, `randf_range(0.0, 0.15)`. Ibẹ̀ ni ìrìn á ti túká, á sì jọ ohun abẹ̀mí. Mo lò ó fún kòkòrò kékeré kan, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ìyá_Oníkèé

Òǹṣèré, àìsàn méjì ló ń ṣe é, èkíní ló sì bí èkejì. Jẹ́ ká mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ká fi nọ́ńbà tìrẹ tẹ̀lé e.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn gbéra, ó wà ní mítà 0.5 lẹ́yìn ilé rẹ̀. O ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ibi tí ilé wà nígbà tó gbéra lo júwe fún un. Ó lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.2 lójú ọ̀nà. Ara kò dúró dè é, ó ti rin mítà 0.4, ilé sì bá ara lọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀ báyìí, ó ti wà ní mítà 0.4 lẹ́yìn. Ó ku 0.1 kó tún kan ààlà rẹ, ara á sì rin 0.1 yẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.05. Ìyẹn ni pé ó wà lókè fún 0.2, ó tẹ ilẹ̀ fún 0.05 péré. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ayé rẹ̀ ló ń lò lófuurufú. Tí ẹsẹ̀ mẹ́jọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni wọn ò ṣe ní jọ ọ̀pọ̀lọ́?

Nítorí náà, má rán ẹsẹ̀ lọ síbi tí ilé wà. Rán an lọ síbi tí ilé máa wà nígbà tó bá balẹ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e kó lè rí àyè yọ́ sẹ́yìn. Ní eré mítà 2, ibi tí ilé máa dé jẹ́ 0.4 síwájú. Fi 0.3 lé e. Dín ààlà rẹ kù sí 0.3 pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ á balẹ̀ ní 0.3 níwájú ilé, á gbéra ní 0.3 lẹ́yìn rẹ̀.

```gdscript
var ahead := vel * STEP_TIME + vel.limit_length(1.0) * 0.3
var from := home + ahead + up * 0.6
var q := PhysicsRayQueryParameters3D.create(from, from - up * 1.4)
q.exclude = [get_rid()]
var hit := get_world_3d().direct_space_state.intersect_ray(q)
if hit:
    target = hit.position
```

Inú `_physics_process` ni kí o ti pè é. `limit_length` yẹn ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ na gbọọrọ síwájú nígbà tí ara bá ń rọra rìn. Má sì yọ ìlà `exclude` o. Láìsí i, ìtànṣán lè ba ikùn alántakùn fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì gun orí ikùn. Ó ti ṣe mí rí, odidi alẹ́ kan ni mo fi ń wò ó.

Tọ́pẹ́, ìdádúró rẹ á tú wọn ká lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rin apá ọ̀tún á gbéra pọ̀, ara á sì máa léfòó lórí apá òsì nìkan. Lára kòkòrò kékeré, ojú ò lè rí i. Lára ẹranko tó tó mítà kan, ojú á rí i kíá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú. Ọmọ odó tèkíní ń lọ sókè nígbà tí tèkejì ń balẹ̀. Pín ẹsẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì báyẹn: òsì 1, ọ̀tún 2, òsì 3, ọ̀tún 4 nínú ọ̀wọ́ kan; àwọn tó kù nínú èkejì. Bí aláǹtakùn tòótọ́ ṣe sábà ń rìn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kì í gún régé bí ti kóòdù. Kí ẹsẹ̀ kankan má gbéra bí ẹyọ kan nínú ọ̀wọ́ kejì bá ṣì wà lókè.

```gdscript
func may_step(leg) -> bool:
    for other in legs:
        if other.group != leg.group and other.stepping:
            return false
    return true
```

Òǹṣèré_Òru

Mà á, ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi tí mo rò pé ìṣirò oríkèé mi ló bàjẹ́! Mo ti fi sí i. Ẹsẹ̀ ò ṣẹ́kù mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tuntun ti dé: bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ báyìí, ó máa ń tún gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á máa ta pọ́nṣẹ́pọ́nṣẹ́ lójú kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Ìyá_Oníkèé

Èmi ni mo fà á, ẹ má bínú. `distance_to` kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Mo ní kí ẹsẹ̀ balẹ̀ ní 0.3 níwájú, ààlà náà sì tún jẹ́ 0.3. Bí ara bá rọra díẹ̀ sí ohun tí a ṣírò, ẹsẹ̀ á balẹ̀ ní 0.31, kóòdù á ní ó ti jìnnà jù. Sọ èyí tó wà níwájú di 0.2, kí ààlà dúró sí 0.3. Ẹsẹ̀ á wá ní mítà 0.5 láti lò lórí ilẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 0.25 ní eré tìrẹ. Ọ̀wọ́ kejì nílò 0.2 láti fi gbéra, kó sì balẹ̀. Ó wọlé síra.

Ibẹ̀ náà lo ti máa rí bí eré rẹ ṣe lè pọ̀ tó. 0.5 pín sí 0.2 jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá kọjá ìyẹn, ọ̀wọ́ kan á ti nílò láti gbéra nígbà tí èkejì ò tíì délẹ̀, wàá sì tún rí wọ́ọ́wọ́ọ́ tó ò ń rí tẹ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ mítà 4, ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú sí 0.125. Má kọ 0.2 sínú kóòdù bí òkúta. Jẹ́ kó máa kúrú bí eré ṣe ń pọ̀.

Tọ́pẹ́_Kóòdù

Mo gbà lórí ti ẹ̀gbẹ́ ara. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ń ṣírò ibi tí ilé máa wà? Ẹ kàn jẹ́ kí `target` máa yí padà ní gbogbo férémù nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Ju réékáàsì lákọ̀tun, ẹsẹ̀ á máa lé ilé rẹ̀ títí á fi bá a. Tí ara bá yà lójijì, tèmi á mọ̀, tiyín á balẹ̀ síbi tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ mọ́.

Ìyá_Oníkèé

Òótọ́ ni ti yíyà lójijì yẹn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo máa ń ṣe tìrẹ. Lórí òkúta, wò ó dáadáa: ìtànṣán á kan orí òkúta ní férémù kan, ní férémù kejì á bọ́ sí kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á máa fò sókè sódò lófuurufú. Òkúta ló sì kún ilẹ̀ Òǹṣèré. Àwọn kan máa ń jẹ́ kó yí padà dé ìdajì ìgbésẹ̀, kí wọ́n tó tì í pa. Èmi ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá.

Ọ̀kùn_Ogójì

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà síbí. Ọ̀kùn ni tèmi, ogún ẹsẹ̀ lápá kan, ogún lápá kejì. Mo pín in sí ọ̀wọ́ méjì bí ẹ ṣe wí, ó wá jọ bùrọ́ọ̀ṣì tó ń gbọ̀n. Ṣé kí n ṣe ọ̀wọ́ mẹ́wàá ni?

Ìyá_Oníkèé

Ti ọ̀kùn yàtọ̀. Ọ̀wọ́ kọ́ ló ń lò, ìgbì ni. Bí o bá ká ọ̀kùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé lásìkò òjò, tẹjú mọ́ ọn: ìgbì yẹn ń ti ìrù lọ sí orí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ gbéra kí tiwájú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún orí ìpele kan náà sì ń gbéra pọ̀, wọn kì í gba ara wọn lẹ́nu. Fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ nínú àyípo kan, kí ti ẹnì kejì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́ ju ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ogún ẹsẹ̀, wàá rí ìgbì méjì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Má fi ààlà ìjìnnà darí èyí, aago ni kó máa darí rẹ̀. Réékáàsì á kàn máa sọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Ọ̀kùn_Ogójì

Há! Mo ti gbìyànjú ìgbì náà rí, ṣùgbọ́n mo ń fi iwájú síwájú, ìgbì mi ń lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń rìn padà.

Alákàn

Òǹṣèré, kí o tó sùn, jẹ́ kó rìn ní òbírí fún ìṣẹ́jú kan, kí o máa wo ọ̀wọ́ kejì. `may_step` yẹn ní ihò kan tó ti ta mí rí. Nígbà tó bá ń yípo, ẹsẹ̀ òde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ, àwọn ẹsẹ̀ ọ̀wọ́ A kì í wá dé ààlà pọ̀. Ọ̀kan gbéra, ó fẹ́ balẹ̀, òmíràn nínú A náà ti gbéra. Ẹnì kan nínú A wà lókè nígbà gbogbo, ọ̀wọ́ B ń tọrọ àyè, kò rí i. B á nà títí oríkèé rẹ̀ á fi gún ṣánṣán.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní àmì kan tó ń jẹ́ `turn`. Bí ẹsẹ̀ kan nínú A bá kan ààlà, gbogbo A tó ti kọjá ìdajì ààlà á gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti balẹ̀ tán, `turn` di ti B, kódà bí A bá ṣì fẹ́. Bí B kò bá nílò ìgbésẹ̀, kó dá a padà.

Òǹṣèré_Òru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dà bí ẹni tó wà nínú yàrá mi. Mo jẹ́ kó yípo, ọ̀tún 3 na gbọọrọ bí igi. Mo ti fi `turn` sí i, ó ti lọ.

Ìbéèrè míì: mo ń fi ìpíndọ́gba gíga ẹsẹ̀ mẹ́jọ gbé ara sókè, kí ara lè tẹ̀ lé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ń mì gìrìgìrì bí ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́.

Tọ́pẹ́_Kóòdù

Èyí mo mọ̀ dájú. Ibi tí ẹsẹ̀ wà lò ń kà, àbí? Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rin bá gbéra, wọ́n á gbé ìpíndọ́gba sókè. `target` ni kí o kà, má ka ẹsẹ̀ tó ń fò. Lẹ́yìn náà, máa fà á díẹ̀díẹ̀:

```gdscript
body_y = lerp(body_y, avg_target_y + 0.45, 1.0 - exp(-8.0 * delta))
```

Ìyá_Oníkèé

Tọ́pẹ́ ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé bí o bá tún ń fi ẹsẹ̀ dá ara ní ìdagẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ń darí ara, ara ń darí ilé, ilé tún ń darí ẹsẹ̀. Bí fífà yẹn bá yára jù, wọ́n á máa ti ara wọn ṣeré, ara á sì gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan. Bí o bá rí i tó ń gbọ̀n nígbà tó dúró, ibẹ̀ ni kí o wò. Sọ 8 yẹn di 4.

Alákàn

Èmi kì í fi ẹsẹ̀ dá ìdagẹ̀rẹ́ ara rárá. Réékáàsì kan láti àárín ikùn, mo ka `normal` rẹ̀, ó tán. Akàn mi ò gbọ̀n rí.

Ìyá_Oníkèé

Bí ikùn rẹ bá wà lókè kòtò ńkọ́? Ìtànṣán kan ṣoṣo, ó ti bọ́ sínú ihò.

Alákàn

Etíkun ni akàn mi ń gbé, mà á. Kò sí kòtò níbẹ̀ :)

Baba_Blender

Mo ti kà á látòkè, mo sì rí i pé èmi ni mi ò ka ìbéèrè dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè: nígbà tó bá kú ńkọ́? Ibẹ̀ kọ́ ni kílíípù ti wúlò?

Ìyá_Oníkèé

Kódà níbẹ̀, ó rọrùn. Aláǹtakùn kò ní iṣan tó ń na àwọn oríkèé kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, agbára omi ara rẹ̀ ló fi ń tì í jáde. Bó bá ti kú, agbára yẹn lọ, iṣan tó ń ká a wọlé nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí òkú rẹ̀ fi máa ń ká ẹsẹ̀ wọnú. Fa `target` mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sábẹ́ ikùn ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ara sì dojú dé. Bí Baba bá ní kílíípù tó dára ju ìyẹn lọ, ẹ gbé e wá.

Òǹṣèré_Òru

Mo ti ṣe é, àyà mi já nígbà tí mo wò ó, ó jọ tòótọ́ jù. Mo tún fi kún un pé bó bá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 0.3, ààlà á sọ̀ kalẹ̀ sí 0.05 kí ẹsẹ̀ lè tò padà sílé, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn èkejì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò kó tó múra.

Ó ku àtẹ̀gùn. Lójú ọ̀nà òkè, ẹsẹ̀ ń gba inú etí àtẹ̀gùn kọjá kó tó balẹ̀ sórí rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti tán, réékáàsì kì í kan nǹkan kan, ẹsẹ̀ á sì dúró síbi tó wà títí á fi nà tán.

Tọ́pẹ́_Kóòdù

Báwo ni ìgbésẹ̀ rẹ ṣe ga tó? Àtẹ̀gùn ńkọ́?

Òǹṣèré_Òru

`sin(t * PI) * 0.2`. Àtẹ̀gùn ga 0.3.

Tọ́pẹ́_Kóòdù

O ti dá ara rẹ lóhùn. Wo ìyàtọ̀ gíga láàárín ibi tó ti gbéra àti ibi tó ń lọ. Bí ibi tó ń lọ bá ga jù, fi ìyàtọ̀ yẹn kún 0.2.

Alákàn

Ti etí ilẹ̀: bí èkíní kò bá kan nǹkan, ju èkejì láti ibẹ̀ sísàlẹ̀, kó fì sí abẹ́ ikùn. Ó sábà máa ń kan ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ á sì di etí rẹ̀ mú. Ó rẹwà nígbà tó bá ṣiṣẹ́. Bí èkejì náà kò bá kan nǹkan, èmi máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò sì dùn ún wò rárá.

Ìyá_Oníkèé

Mo máa ń dá ara dúró ni, kó má lè rìn kọjá etí bí ẹsẹ̀ mẹ́ta bá ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn á ba eré ẹni tó ń darí rẹ̀ jẹ́.

Òǹṣèré_Òru

Ọ̀tá ni aláǹtakùn mi, kì í ṣe òṣèré ló ń darí rẹ̀, nítorí náà mo lè dá a dúró. Àmọ́ mo fẹ́ kó lè bẹ́ sílẹ̀ látorí ògiri. Màá gbìyànjú tẹ̀gbọ́n Alákàn lálẹ́ yìí bí iná bá dúró, màá sì gbé fídíò rẹ̀ síbí.